Ẹ̀rọ wo ló gbé ata, ẹ̀wà àti ewùrà? Ìrírí àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọmọ Ìpẹru
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bílẹ́ńdà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rà. Kó máa lọ ata lójoojúmọ́, kó lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ní Sátidé, kó sì tún bá mi lọ ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, torí rírin ewùrà ti ń yún mi lọ́wọ́ jù. Mo rí méjì ní ọjà Ṣàgámù. Wọ́n kọ 4500 wáàtì sára páálí ti àkọ́kọ́, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Orúkọ ìkejì ti pẹ́ lọ́jà, 600 wáàtì péré ni wọ́n kọ sí i. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èwo ni kí n mú?

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Wáàtì ni agbára. Èyí tó bá ní 4500 ni kí ẹ gbé, ẹ̀wà àti iṣu kò ní dá a dúró. Kí ife rẹ̀ sì jẹ́ onígíláàsì, torí ata máa ń pa ife oníke láró, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Alátùn-únṣe Òkè-Ajé
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 4500 ni ẹ jẹ́ ká tún yẹ̀ wò. Ẹ wo orí wáyà ẹ̀rọ náà. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò nílé, fíúsì tó tóbi jù tó wà nínú rẹ̀ kò kọjá 13 áńpì. Bí iná bá pé 240 fóòltì, 13 lọ́nà 240 jẹ́ 3120 wáàtì. Ẹ̀rọ tó bá ń fa 4500 lóòótọ́ ti ju ohun tí pọ́lọ́ọ̀gì náà wà fún lọ. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni mọ́tò náà ń jẹ.

Ẹ yí ìdí ẹ̀rọ náà sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bébà kékeré tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ti ìdí máa ń kéré sí ti páálí. Bí ti ìdí náà bá tún jọ yín lójú, mítà ilé yín lè dá ẹjọ́ náà.

Iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú lójú mítà onísanwó-ṣáájú. Wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú-iná náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 1000 imp/kWh. Ìyẹn ni pé ìgbà 1000 ni yóò ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó tán. Ẹ pa fíríìjì, fáànù àti gbogbo nǹkan yòókù nílé títí iná pupa náà yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà ẹ kó ẹ̀wà tí ẹ ti bó sínú bílẹ́ńdà, ẹ tan án fún 60 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹnìkan dúró ti mítà kó máa kà. Ẹ fi 60 sọ iye tó bá kà di púpọ̀, wáàtì gidi nìyẹn.

Wọ́n gbé ọ̀kan tí wọ́n kọ 4500 sí wá sọ́dọ̀ mi. Ìgbà 8 ni mítà ṣẹ́jú lójú ẹ̀wà, 8 lọ́nà 60 sì jẹ́ 480 wáàtì. Ká ní 4500 ni lóòótọ́, ìgbà 75 ni ìbá ṣẹ́jú. Bí mítà yín bá jẹ́ 1600, ẹ fi 37 àti ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ dípò 60. Ẹ má sì fi òfìfo dán an wò, torí bí kò bá sí ẹrù lójú abẹ, díẹ̀ ni mọ́tò ń fà, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ náà kò lágbára rárá.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́
Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ti iná tiwa ńkọ́? Bí iná bá wálẹ̀, gbogbo bílẹ́ńdà ni yóò jó, ibi yòówù kí wọ́n ti rà á.

Alátùn-únṣe Òkè-Ajé
Ẹ sún mọ́ òtítọ́, ẹ̀gbọ́n. Iná tó wálẹ̀ nìkan kì í jó o, ẹrù tó dá abẹ dúró ló ń jó o. Tí iná kò bá lágbára, abẹ kò ní lè ti ẹ̀wà tó nípọn, yóò dúró. Mọ́tò tó dúró tí iná ṣì ń wọ̀ ń fa iná ju ìgbà tó ń yí lọ. Fáànù kékeré tó máa ń fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ sì ti dúró pẹ̀lú rẹ̀, torí ọ̀pá kan náà ni wọ́n jọ wà. Kọ́ìlì a gbóná, ọ̀dà tó wà lára wáyà a yọ́, òórùn rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ yẹn. Bí abẹ bá ti dúró, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kó “gbìyànjú”. Àwọn mìíràn ní bọ́tìnnì kékeré nídìí tó máa ń fò jáde kí kọ́ìlì tó jó. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ní irú bọ́tìnnì yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fún un ní máàkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kì í gbé ju 650 wáàtì lọ, bílẹ́ńdà 600 lójú ẹ̀wà ti gbé gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo nǹkan mìíràn kúrò kí ẹ tó tan án.

Màmá Alákàrà, Ṣàgámù
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí wọ́n bó tán, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kó rọ̀. Ife ẹ̀wà méjì lẹ́ẹ̀kan ti tó fún ife bílẹ́ńdà lítà kan àti ààbọ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdajì ife lọ. Fún mọ́ínmọ́ín, kí omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí ẹ̀wà dọ́gba. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ tẹ̀ ẹ́ tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó fọ́ ná, kí ẹ tó fi í sílẹ̀ bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ sinmi, ẹ tún ṣe. Ẹ mú díẹ̀ láàárín ìka méjì kí ẹ fi rá a. Bí ó bá ń ha yín lọ́wọ́, kò tíì kúnná.

Ti àkàrà ló yàtọ̀. Àkàrà kò fẹ́ omi. Bí ẹ bá bu omi sí i kí bílẹ́ńdà lè yí i, òróró ni yóò máa mu, kò sì ní wú. Bí ẹ kò bá bu omi sí i, ẹ ó rí i pé abẹ gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀, ẹ̀wà òkè jókòó jẹ́ẹ́, kò wálẹ̀. Abẹ ń yí nínú afẹ́fẹ́ nìyẹn, ìró rẹ̀ á yí padà, á máa han. Ẹ pa á, ẹ fi ṣíbí igi tì í wálẹ̀. Bí ẹ̀wà bá ti ju ife mẹ́ta lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ìlọta. Ẹ ní kó fi omi fọ ata kúrò nínú rẹ̀ kó tó lọ tiyín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Tẹ́ ẹ bá ń sọ ti iṣu, ṣé bílẹ́ńdà yìí lè lọ iṣu gbígbẹ fún èlùbọ́? Mo ní iṣu gbígbẹ tó kún àpò kan.

Alátùn-únṣe Òkè-Ajé
Àbúrò, ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe àmàlà. Àpò iṣu gbígbẹ ti ju ilé lọ, ẹlẹ́rọ èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ife kékeré tí wọ́n fi kún bílẹ́ńdà, ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ló wà fún. Iṣu gbígbẹ le bí òkúta, abẹ á ṣẹ́ tàbí rọ́bà ìdí á bó.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè ewùrà gan-an. Bílẹ́ńdà lè lọ ewùrà, àmọ́ kì í rí bí èyí tí a rin. Bí a bá rin ewùrà, hóró-hóró ni, bí a bá bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó, á dì mú ara rẹ̀. Bílẹ́ńdà máa ń lọ̀ ọ́ kúnná jù, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá tún bu omi sí i, yóò tú sínú ìkòkò, ìkọ́kọrẹ́ á di ẹ̀kọ.

Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ bó ewùrà, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí orí àtàǹpàkò, ẹ kó nǹkan bí ègé mẹ́jọ sí i lẹ́ẹ̀kan. Dípò omi, ẹ fi síbí ọbẹ̀ méjì nínú ata tí ẹ ti lọ fún ìkọ́kọrẹ́ náà sí i, ata náà ṣáà ń lọ sínú ìkòkò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi sílẹ̀, títí bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹ dá a dúró nígbà tí ẹ ṣì ń rí hóró kékeré. Bí ó bá ti ń dán, ó ti kọjá.

Màmá Alákàrà, Ṣàgámù
Ìyá, mo yọ̀ǹda fún ata àti ẹ̀wà. Ewùrà, èmi kò gbà. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ oníke sọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa rin ín lọ.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ jẹ́ kí ẹnu wa má ṣọ̀kan lórí èyí, màmá. Àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ mi láì mọ̀.

Alátùn-únṣe Òkè-Ajé
Ọmọ Ìpẹru, bí mo ṣe máa yàn án nìyí. Èyí tí ìdí rẹ̀ kọ 600, tó wúwo lọ́wọ́, ni kí ẹ mú. Mọ́tò tí wáyà rẹ̀ pọ̀ wúwo, ẹ gbé méjèèjì wò lọ́wọ́. Ẹ wo rọ́bà ìdí, èyí tí ife ń jókòó lé. Oníke ni ti àwọn kan, eyín rẹ̀ máa ń jẹ tán kíákíá. Ọ̀pọ̀ wọn, ìhà tí aago ń yí sí ni a máa ń yí i kó tó tú, ìdàkejì bí a ṣe máa ń tú nǹkan, èèyàn púpọ̀ ti fa tiwọn já níbẹ̀. Ẹ di abẹ mú, ẹ mì í lọ sọ́tùn-ún àti òsì. Bí ó bá ń yẹ̀, omi ẹ̀wà yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ ìdí, ibẹ̀ á dípatà, abẹ á le láti yí, lẹ́yìn náà ni rọ́bà yóò máa já. Lẹ́yìn náà ẹ rọ omi sínú ife náà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé e sórí bébà gbígbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wò ó bóyá yóò jò.

Ní ti orúkọ, ẹ béèrè ẹni tó ń ta ẹ̀yà rẹ̀ nítòsí. Ife, abẹ àti rọ́bà Binatone kì í wọ́n lọ́jà wa, ìyẹn ló mú kí n máa dárúkọ rẹ̀. Kenwood àti Philips náà dára, kí ẹ kàn rí i pé ẹ̀yà tó bá nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀ mu ni ẹ ń rà, nítorí wọn kì í bára mu láàárín oríṣi kan àti èkejì. Bí ẹnìkan bá mú Vitamix wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Iná ibẹ̀ jẹ́ 120 fóòltì. Bí ẹ bá kì í tààrà bọ iná tiwa, yóò jó.

Ọmọ Ìpẹru
Ẹ ṣé gan-an. Màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, màá rọ omi sí ife méjèèjì. Ṣùgbọ́n mítà tiwa wà lókè òpó, pádì oníbọ́tìnnì ló wà nínú ilé. Báwo ni mo ṣe máa ka iná pupa náà?

Alátùn-únṣe Òkè-Ajé
Ẹ ní kí ọmọ kan tí ojú rẹ̀ dára dúró sí ìta ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òkùnkùn bá ti ń ṣú díẹ̀, ẹ ó rí i láti ìsàlẹ̀. Bí kò bá hàn, ẹ gbé bílẹ́ńdà náà lọ sílé aládùúgbò tí mítà rẹ̀ wà lára ògiri.