Orúkọ Ìkẹ́ Tí A Lè Pè Lójú Ìyá Ọkọ

Ìbéèrè ìyàwó tuntun kan: «Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n máa pe ọkọ mi? Nínú ilé, “oyin mi” ni. Mo ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ níwájú màmá rẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A kò tíì bímọ, n kò lè pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni.»

Ìyá Ìbejì: «Olówó orí mi» ti tó. Ó ń fi hàn pé ọkọ rẹ lówó lọ́wọ́, kò sì sí ọkùnrin tí inú rẹ̀ kò ní dùn sí i.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọrọ̀ ni orúkọ yẹn ń sọ. Owó tí ọkọ san lórí ìyàwó ni, ìdí nìyí tí ọkọ kò fi lè fi pe ìyàwó. (Owó orí náà ni àwọn agbowó ìjọba ń gbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́.) Àwọn ìyàwó ilé, tí kì í pe orúkọ àwọn tí wọ́n bá nílé ọkọ, ti fọ̀nà hàn wá tipẹ́: wọ́n á wo ọmọge tí ìdí rẹ̀ gba aṣọ àrán, wọ́n á pè é ní Ìbàdíàrán, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun á di Eyínfúnjowó. Ìyìn ni, síbẹ̀ orúkọ ni etí gbọ́. Ohun tó tú àṣírí «oyin mi» ni «mi» tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, mo dábàá Àfẹ́ní, ẹni tí a fẹ́ kí a tó ní, tí mo mú láti ara Àjàní àti Àkànní. Bí a bá fi «kẹ́» parí rẹ̀ bíi Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́, wọn á rò pé obìnrin là ń pè.

Ọ̀dọ́kùnrin kan: Bí «mi» bá jẹ̀bi, «olówó orí mi» ńkọ́? Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá ti gbọ́ àfẹ́sọ́nà rí á mọ ohun tó wà nínú Àfẹ́ní lójú ẹsẹ̀. Àyànní ni ì bá dára, nítorí ará ìta á rò pé ilé onílù ni ọkọ rẹ ti wá.

Bàbá kan: Èmi ni ìyàwó mi pè ní «Béèbí» nílé epo. Láti ọjọ́ náà, «Bọ̀dá Béèbí» ni ọmọ tó ń ta epo ń kí mi, n kò sì mọ bí mo ṣe lè yí ilé epo padà.

Ìyàwó tuntun: Mo dán Àfẹ́ní wò lálẹ́ àná. Ọkọ mi ní kí n tún un pè. Màmá bi mí bóyá oríkì tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni, nítorí pé Àkàngbé ni àwọn mọ̀.