"Ẹ̀fọ́rí" nìkan kò tó lórí fọ́ọ̀mù àwòrán orí

Akàwòrán: Irú fọ́ọ̀mù tí dókítà fi ń béèrè àwòrán, tó ń dé ọ̀dọ̀ àwa tí a ń ka àwòrán nìyí: "Ọkùnrin, ẹni ọdún 78. Ẹ̀fọ́rí. Sí-tíì orí." Ó tán. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé bàbá náà ṣubú ní balùwẹ̀ ní ọjọ́ 17 sẹ́yìn, pé ó ń lo wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, pé apá ọ̀tún ara rẹ̀ ti ń rọ láti ọjọ́ 4, àti pé oorun ń kùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó ṣubú yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sábẹ́ awọ tó bo ọpọlọ máa ń funfun lórí àwòrán sí-tíì, kò sí ẹni tí kò ní rí i. Bó bá ti pé bí ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, funfun náà á ti ṣá, àwọ̀ rẹ̀ á sì bá ti ọpọlọ dọ́gba. Ìgbà tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń dúdú. Ọjọ́ 17 bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ẹni tó mọ̀ kò ní máa wá funfun kiri. Yóò wò ó bóyá àwọn kòtò ojú ọpọlọ ò dé etí egungun agbárí mọ́, tàbí bóyá ilà àárín ti yẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì wà lápá méjèèjì, ilà àárín lè má yẹ̀ rárá. Àfi kéèyàn rí i pé ọpọlọ bàbá arúgbó kún bí ti ọmọ ogún ọdún, kó wá bi ara rẹ̀ pé kí ló dé.

Dókítà Pàjáwìrì: Ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ìlà méjì ni fọ́ọ̀mù fún wa, èrò sì kún ìta.

Akàwòrán: Ìlà méjì tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ó ṣubú ní ọjọ́ 17 sẹ́yìn. Wáfárìn, INR 3.8. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ láti ọjọ́ 4, oorun ń kùn ún, GCS 13. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ awọ ọpọlọ, pàápàá lápá òsì?" INR ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, GCS sì ni máàkì bí ojú aláìsàn ṣe là tó, nínú 15. Òsì la béèrè nítorí apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara. Bí ẹ̀jẹ̀ ara aláìsàn bá kéré gan-an, ẹ fi kún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà pàápàá lè má funfun lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àgbà Wọ́ọ̀dù: Èmi ò fara mọ́ ọn pé ká kọ ohun tí a fura sí. Ẹni tó ń kà á á kàn máa wá nǹkan yẹn nìkan, á fojú fo ìyókù. Ká jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Akàwòrán: Ẹ ò jẹ̀bi tán, sà. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wo àwòrán lẹ́ẹ̀kan ká tó ka ìtàn, a ó tún wò ó lẹ́yìn náà. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti bá ọpọlọ ṣe àwọ̀ kan náà, ojú lásán kì í rí i ní wíwò àkọ́kọ́.

Onífọ́tò: Kí àwòrán tó dé ọ̀dọ̀ akàwòrán rárá, àwa tó ń ya á la kọ́kọ́ ń ka fọ́ọ̀mù yẹn. Òun la fi ń mọ̀ bóyá ká fún aláìsàn ní kọ́ntíráàsì, oògùn inú iṣan tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn, tàbí ká má fún un. Ẹlòmíì á kọ "ẹ fún un ní kọ́ntíráàsì kó lè hàn dáadáa." Fún ẹni tó ṣubú, a kì í fi bẹ̀rẹ̀, torí kọ́ntíráàsì náà ń funfun lórí àwòrán, ó sì lè dà bí ẹ̀jẹ̀. Bí a bá padà nílò rẹ̀, a fẹ́ mọ kíríátínìnì aláìsàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ó ń lo mẹtifọ́mìn, oògùn àtọ̀gbẹ.

Ọmọ Màmá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún 3 tí orí ti ń fọ́ màmá mi. Ṣé kí n máa kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra mi ni?

Onífọ́tò: Rárá o, dókítà ló ń kọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ kó páálí gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, àti àwòrán àtijọ́, fíìmù tàbí díìsìkì gan-an, kì í ṣe ìwé èsì nìkan. Kí ẹ sì sọ bí ẹ̀fọ́rí náà bá ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, àti ìgbà tó yí padà.

Dókítà Pàjáwìrì: Àwọn àgbàlagbà tí kò rántí pé àwọn ṣubú ńkọ́? Kí la fẹ́ kọ?

Akàwòrán: Ẹ má fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ "a ò mọ̀ bóyá ó ṣubú", kí ẹ sì kọ ohun tí ojú yín rí: "ojú ibi tó lù níwájú orí ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé gbígbẹ." Ìyẹn ò sọ iye ọjọ́ fún wa, ṣùgbọ́n ó sọ pé kì í ṣe ti òní.