Oníbàárà kọ̀ láti san owó tó kù, ó ní kọ́ọ̀dù mi ba nọ́ńbà jẹ́

Ọmọ Ìyàrá: Ẹ̀yin ará, òkun o. Ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ kọ́ọ̀dù Python fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kábà. Èmi ni mo wá iṣẹ́ náà kàn fúnra mi. Mo bá akọ̀wé wọn níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó ń fọwọ́ da orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti ẹ̀ka mẹ́rin pọ̀, ó ní ọjọ́ méjì gbáko ni lóṣooṣù. Mo ní màá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan. A ṣàdéhùn ₦45,000, wọ́n san ₦15,000. Kò síná, epo ni mo ń rà, ọ̀nà ibí náà, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo gbé iṣẹ́ lọ, ó ṣiṣẹ́ lójú gbogbo wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní báyìí, alága ní nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti bàjẹ́, òun kò ní san ₦30,000 tó kù. Ṣé kí n gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ ni?

Màmá Tọ́lá: Ọlọ́pàá kẹ̀? Kí lo máa ní wọ́n jí? Èmi rán aṣọ ẹgbẹ́ fún àwọn kan ní Ìsánlú, wọ́n wọ̀ ọ́ tán, wọ́n ní apá rẹ̀ fún jù. Láti ìgbà yẹn, mo ń gba owó kí n tó rán aṣọ. Ò bá ti gba gbogbo ẹ̀ ṣáájú.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: O ti sọ ti epo, o ti sọ ti ọ̀nà, o kò sọ bí nọ́ńbà ṣe bàjẹ́. Kí ni wọ́n rí gan-an? Má fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síbí o, ṣàpèjúwe rẹ̀ ni.

Ọmọ Ìyàrá: 0803 di 803. Àwọn mìíràn ní .0 nídìí. Excel wọn ló fà á, kì í ṣe èmi.

Táyọ̀ Mọ̀pà: Ó mà rọrùn. Fi `zfill(11)` sí i, òdo á padà. Parí.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Kò parí. Excel lè jẹ̀bi lóòótọ́: bí èèyàn bá tẹ fáìlì CSV lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, Excel á jẹ òdo iwájú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o fi Notepad wò ó kí o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n .0 yẹn, pandas tí kọ́ọ̀dù Python rẹ fi ń ka fáìlì ni. Ó ka òpó náà bí iye, iye kì í sì í ní òdo níwájú. Níbi tí ẹnì kan kò ti ní fóònù, àyè òfìfo yẹn ló sọ gbogbo òpó di iye tó ní .0 nídìí. Táyọ̀, ka `8031234567.0` wò: àmì 12 ni. `zfill(11)` kò ní fi nǹkan kan kún un. Ó ní láti kọ́kọ́ yọ .0, kó wá fi òdo síwájú kìkì èyí tó ṣẹ́ ku 10. Bó ṣe yẹ kó o kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ rèé:

```python
import pandas as pd

df = pd.read_csv("kabba.csv", dtype=str)
df.to_excel("kabba_tuntun.xlsx", index=False)
```

Ó kà á bí ọ̀rọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì mìíràn, tí Excel kò ní jẹ òdo rẹ̀. Ọmọ Ìyàrá, fáìlì àkọ́kọ́ wọn ńkọ́?

Táyọ̀ Mọ̀pà: Èmi fi `zfill` tún nọ́ńbà àkáǹtì ṣe rí o, ó ṣiṣẹ́.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Nítorí pé àkáǹtì báǹkì kì í yẹ̀ lórí 10, kò sì sí .0 nídìí tìrẹ. Ọmọ Ìyàrá, mo bi ọ́ léèrè.

Ọmọ Ìyàrá: …Orí fíláàṣì wọn ni mo ti ṣe é. Orúkọ kan náà ni kọ́ọ̀dù fi tọ́jú ẹ̀. Mo rò pé ó máa mọ́ ju kí fáìlì pọ̀ lọ. Ohun tó wá ká mi lára ni nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ní 007, àwọn tó wọlé láìpẹ́ ní 0007.

Màmá Tọ́lá: Yéè! Orí ìwé onígbèsè ẹlòmíì lo ti ń dánra wò?

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Fóònù ṣeé tún ṣe, àkáǹtì náà ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí 007 àti 0007 bá ti di 7, kò sí kọ́ọ̀dù tó lè mọ èyí tó jẹ́ 007 àti èyí tó jẹ́ 0007. Má fọwọ́ kan fíláàṣì yẹn mọ́. Bi akọ̀wé bóyá fáìlì Excel tó ti yọ CSV jáde ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Táyọ̀ Mọ̀pà: Kí wọ́n san ìdajì ná ṣá. Ó ṣiṣẹ́.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Iṣẹ́ tó sọ ẹni méjì di ẹnì kan?

Ọmọ Ìyàrá: Akọ̀wé ti dáhùn. Ẹ̀ka mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Ẹ̀gbẹ̀, orí fíláàṣì nìkan ló wà, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́dọ̀ akápò níbẹ̀. Mò ń lọ síbẹ̀ lọ́la. Ẹ má tíì sọ fún alága.

Màmá Tọ́lá: Owó mọ́tò ńkọ́, ta ló máa san án?