Hámà ni mo rí lórí ṣáàtì, mo rà, owó sì lọ. Kí ni mi ò rí?

Àdùkẹ́ Aránṣọ, Òkè-Fíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo àti gbogbo ilé. Owó tí mò ń rí nídìí aṣọ ọdún ni mo fi ń ra ìpín díẹ̀díẹ̀ lọ́jà ìpín Nàìjíríà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, 12 náírà ni ìpín náà parí sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ṣí ní 11.95, kò ga ju 12 lọ, ó já wá sí 10.80, àmọ́ kí ọjà tó pa, ó ti gun padà dé 11.90. Nígbà tí mo wo ṣáàtì lálẹ́, hámà gan-an ni: àbẹ́là ni àmì tó ń fi ìrìn iye ọjọ́ kan hàn lórí ṣáàtì, ara tiẹ̀ kín-ń-kín lókè, ìrù rẹ̀ gùn gbọọrọ nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àwọn olùtà ti tì í wálẹ̀, àwọn olùrà sì ti gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Mo ra 20,000 ní 12 náírà lọ́jọ́ Rú. Lọ́jọ́ Ẹtì, 10.40 ló parí sí. Nínú 240,000 náírà tí mo kó síbẹ̀, 32,000 ti lọ.

Ṣé èmi ni mo ṣi àbẹ́là náà kà, àbí àbẹ́là náà ló parọ́ fún mi?

Ọmọ Ọ̀rọ̀kí

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kánjú ni. Hámà kan ò dá iṣẹ́ ṣe. Ó yẹ kẹ́ ẹ dúró kí àbẹ́là ọjọ́ Rú parí lókè 12 kẹ́ ẹ tó rà. Yàtọ̀ síyẹn, pupa ni hámà tiyín, torí 11.95 ló ṣí, 11.90 ló parí. Aláwọ̀ ewé nìkan ni èmi máa ń gbà.

Ìyá Aláta, Ọjà Ọba

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi ò mọ ṣáàtì o, ata ni mo mọ̀. Tí ọkọ̀ ata méjì bá já ẹrù pọ̀ láàárọ̀, owó agbọ̀n á já wálẹ̀ títí tí a ó fi máa bẹ èèyàn kó gbé e. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí agbọ̀n mẹ́ta péré ló kù lórí àtẹ, owó á gun padà, torí ìyàwó ilé tó fẹ́ se ọbẹ̀ ò ní ibòmíì tó máa lọ. Ẹni tó bá gbọ́ iye ìrọ̀lẹ́ yẹn, tó wá kówó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò mọ̀ pé ọkọ̀ míì ti wà lójú ọ̀nà. Ìgbà tó ti wálẹ̀ báyìí ńkọ́, ṣé kí n fi owó àjọ mi ra díẹ̀?

Bàbá Oníṣirò

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan owó àjọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ata yẹn ni kókó.

Àdùkẹ́, bá mi béèrè lọ́wọ́ alágbàtà rẹ: ìpín mélòó ló tà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iye wo ni wọ́n sì tà á? Kí èsì yẹn tó dé, wo 10.80 dáadáa. Lọ́jà wa, ìpín ò gbọ́dọ̀ já ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tó parí sí lánàá lọ, kò sì gbọ́dọ̀ gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá mẹ́wàá 12 ni 1.20. Yọ ọ́ kúrò, 10.80 géérégé ló kù. Kì í ṣe àwọn olùrà ló dá ìrù àbẹ́là rẹ dúró níbẹ̀, òfin ọjà ni. Bí ò bá sí òfin yẹn, ibi tí ìbá balẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Àdùkẹ́ Aránṣọ, Òkè-Fíà

Bàbá, mi ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Alágbàtà ti fèsì. 2,800,000 ìpín ló tà lọ́jọ́ náà. 2,500,000 nínú rẹ̀ ló tà láàárín 10.80 sí 10.90, kó tó di ọ̀sán. Ní wákàtí tó kẹ́yìn, 180,000 péré ló tà láti 11.50 dé 11.90.

Bàbá Oníṣirò

Ó dáa. Ìpín tí ẹnì kan bá tà, ẹnì kan ló rà á, nítorí náà iye ìpín tí wọ́n rà ò lè pọ̀ ju iye tí wọ́n tà lọ. Ẹni tó ń kánjú jù ni iye máa ń tẹ̀ lé. Láàárọ̀, olùtà ló ń kánjú: ó gbà láti da ìpín rẹpẹtẹ sílẹ̀ ní iye tó kéré jù tí òfin gbà. Lọ́sàn-án ó dáwọ́ dúró. Àtẹ wá ṣófo, ìwọ̀nba olùrà tó kù bá ń fi owó kún owó kí wọ́n tó rí ìpín díẹ̀ rà. Agbọ̀n mẹ́ta Ìyá Aláta nìyẹn.

Iye mẹ́rin péré ni àbẹ́là ń rántí: ibi tó ṣí, òkè, ìsàlẹ̀, ibi tó parí. Kò rántí èyí tó ṣáájú láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, kò sì rántí bí ọjà ṣe wúwo tó níbi kọ̀ọ̀kan. Lójú ṣáàtì, 2,500,000 di ìrù tín-ín-rín, 180,000 ló sì pinnu ibi tí ara àbẹ́là máa wà, èyí tí ìwọ gbọ́kàn lé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Rú mọ́, ẹni tó bá ṣì ní ìpín láti tà rí olùrà tó ń fún un ní 12. Ẹni tó rà ní 10.80 náà ti jèrè 1.20 lórí ẹyọ kan. Àwọn méjèèjì ló lè tà á fún ọ.

Hámà tí mo lè fọkàn sí ni èyí tó yí padà fúnra rẹ̀, ká ní ní 11.20, tí ọjà sì ń tà púpọ̀ bó ṣe ń gòkè, tí àwọn èèyàn ń san 11.40, 11.60, 11.80 fún ìpín tó jọjú. Ìyẹn fi hàn pé olùtà wà níbẹ̀, olùrà sì ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Àwòrán méjèèjì lè jọra bí ìbejì lórí ṣáàtì.

Táíwò Fọ́rẹ́ẹ̀sì

Tèmi tún jùyẹn lọ. Wúrà, `XAUUSD`, ni mò ń wò, àbẹ́là wákàtí mẹ́rin. Alágbàtà méjì ni mo ní. Lọ́dọ̀ ọ̀kan, hámà tó rẹwà. Lọ́dọ̀ èkejì, àbẹ́là pupa ńlá tí aláwọ̀ ewé tẹ̀ lé. Aago wọn ò bára mu, ibi tí ọ̀kan ti gé wákàtí mẹ́rin rẹ̀ kọ́ ni èkejì ti gé e. Ọjà kan náà o!

Ọmọ Ọ̀rọ̀kí

Bàbá, mo gbọ́ ti òfin yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, tí Àǹtí bá dúró de àbẹ́là ọjọ́ Rú, wọn ò ní rà á rárá, torí 11.60 ló parí sí. Mo lọ wò ó.

Bàbá Oníṣirò

Òótọ́ ni, ìdúró yẹn ì bá gbà á lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ ó ní owó tó ń gbà. Ká ní ó parí sí 12.60, ní 12.60 lo máa rà, ìsàlẹ̀ hámà ṣì wà ní 10.80. Àdánù tó lè bá ọ tó bá padà já dé ìsàlẹ̀ yẹn ti kúrò ní 1.20 di 1.80 lórí ẹyọ kan. Ti àwọ̀ pupa, 5 kọ́bọ̀ ló wà láàárín. Mi ò rò pé ìyẹn sọ nǹkan kan.

Àdùkẹ́, ohun kan tí hámà ṣì wúlò fún ni pé ó sọ ibi tí ìtàn rẹ ti parí. O ní àwọn olùrà ti gbà á padà ní 10.80. Ó ti parí sísàlẹ̀ 10.80 lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọmọ Ọ̀rọ̀kí

Èmi ò ní tà níbi tó wà yìí o. Ilé iṣẹ́ tó ń pín èrè fún onípìn-ín, a máa ń gbà á pamọ́ ni.

Àdùkẹ́ Aránṣọ, Òkè-Fíà

Àbúrò mi, mi ò rà á torí èrè ọdún, hámà ni mo tìtorí ẹ̀ rà á. Bàbá, ẹ ṣé gan-an, inú mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ti bẹ alágbàtà kó bá mi wo iye tó tà lọ́jọ́ Ẹtì àti ibi tó ti tà jù. Tí èsì bá dé kí ọjà tó ṣí lọ́jọ́ Ajé, màá gbé e wá síbí kí n tó tẹ ohunkóhun.