Mo ta ṣíà lọ́jọ́ tí mo rà á, wọ́n ní mo rú òfin

Ṣadé (Ṣìkágò): Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi! Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo ta ṣíà kan, 2,000 dọ́là. Owó náà hàn lójú ẹsẹ̀, mo bá fi gbogbo ẹ̀ ra òmíràn lọ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di aago méjì, ó ti lé sí i, mo tà á kíá. Alágbàtà mi wá kọ "Good Faith Violation" ránṣẹ́ sí mi. Ṣé wọ́n máa ti akáńtì mi pa ni?

Bọ̀dé (Lọ́ńdọ̀nù): Ọjọ́ iṣẹ́ méjì lẹ gbọ́dọ̀ fi dúró kí owó ṣíà tó wọlé, àǹtí.

Ẹ̀gbọ́n Túndé (Ṣìkágò): Ti ọ̀dọ̀ yín nìyẹn, Bọ̀dé. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni tiwa. Ṣadé, alágbàtà kàn gbà ọ́ láyè láti fi owó yẹn rajà ni. Lẹ́yìn tó o tẹ bọ́tìnnì, NSCC, iléeṣẹ́ tó ń bá wa parí káràkátà ṣíà ní Amẹ́ríkà, ló ń dúró láàárín ẹni tó rà àti ẹni tó tà, Túsídè ni owó ṣíà àkọ́kọ́ máa tó di tìẹ. Rírà tó o fi í ra èkejì kò burú. Títà tó o ta èkejì kí owó yẹn tó wọlé ló dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní o dúró di Túsídè, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. "Settled cash", ìyẹn owó tó ti wọlé tán, ni kó o máa wò, má wo "Buying power", ìyẹn iye tí wọ́n kàn gbà ọ́ láyè láti fi rajà.

Kúnlé (Dálásì): Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni! Mo máa ń ṣe é, wọn ò bá mi wí rí.

Ẹ̀gbọ́n Túndé: Akáńtì tí wọ́n ti ń yá ọ lówó ni tìẹ. Owó ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló wà nínú ti Ṣadé.

Kúnlé: Kí wọ́n má jẹ́ kó rà á nígbà náà!

Fọlákẹ́ (Tòróńtò): Ti owó ilé ló dùn mí jù ní tèmi. Mo ta ṣíà ní Fúráídè, mo rò pé màá fi sanwó ilé ní Sátidé. Mọ́ńdè ni owó wọlé, onílé sì ti bu owó ìtanràn lé e.

Ṣadé: Akáńtì tèmi wá ńkọ́, ṣé wọ́n máa tì í pa?

Ẹ̀gbọ́n Túndé: Ìkìlọ̀ ni àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́. Tó bá pọ̀, wọ́n lè fi 90 ọjọ́ ní kó o máa fi owó tó ti wọlé tán nìkan rajà. Iye tó máa pọ̀ tó, ìwé àdéhùn alágbàtà ẹ ni kó o wò.

Fọlákẹ́: Ẹ má sì gbàgbé pé àwa Kánádà la kọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ kan, 27 oṣù karùn-ún 2024. Ẹ̀yin Amẹ́ríkà, 28!

Kúnlé: Nítorí pé a ń ṣe họ́lídè lọ́jọ́ náà ni!

Bọ̀dé: 11 oṣù kẹwàá 2027 làwa náà máa dé bẹ̀.

Fọlákẹ́: Ẹ kú ìrọ́jú o, Lọ́ńdọ̀nù 😂

Bọ̀dé: Ẹ máa jà lọ jàre. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí èèyàn fi Yorùbá jiyàn báyìí. Àárò ilé ń sọ mí.

Kúnlé: Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì gbà o.