Ìpàdé tí mo pa jẹ ní Àkúrẹ́

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Àwa 6 ni a jọ ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe tí olùkọ́ wa fún wa lórí bí àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè ṣe ń sá kòkó; àwọn fọ́ọ̀mù tí àwọn àgbẹ̀ náà kọ ni a fi ń ṣe é. Ìpàdé wa jẹ́ aago 10 òwúrọ̀ Sátidé ní Àkúrẹ́, ìlú Oǹdó ni mo sì ti ń bọ̀. Fáànbẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wa já lọ́nà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ìpàdé ti tú kí n tó dé. Mo kọ sí wáṣáàpù ẹgbẹ́ wa pé, "Ẹ má bínú, nǹkan ló ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá fún mi, màá ṣe é." Gbogbo wọn kà á, ẹnì kankan kò fèsì. Kí ni kí n kọ sí wọn àti sí olùkọ́ wa?

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí lọ́jọ́ tí a fẹ́ pín owó àjọ. Owó ìtanràn ni mo san. Ìwọ náà san tìrẹ, kí ọ̀rọ̀ parí.

Akọ̀wé Alágbàka: Ìyá, èyí yàtọ̀ sí ti àjọ. Mo ti bá olùkọ́ kan ṣiṣẹ́ rí, èmi ni mo sì ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. "Iṣẹ́ yòówù" ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí àwọn ni yóò tún jókòó wá ohun tí o máa ṣe. Kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, kí o má baà gba iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àgbẹ̀ Òwúrọ̀: Ìwé kan náà ni kó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di méjì.

Akọ̀wé Alágbàka: Lóòótọ́, ìdí tí kò fi wá kò gbọdọ̀ di méjì. Ṣùgbọ́n kí ni olùkọ́ fẹ́ fi iye fọ́ọ̀mù ṣe? Ohun tí yóò wò ni bóyá ọjọ́ tí ẹ máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ yóò yẹ̀.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Mo béèrè. Fọ́ọ̀mù 42 ni wọ́n pín, 7 tó kàn mí sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Mo wá kọ sí wọn pé:

"Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà ni kò jẹ́ kí n dé ìpàdé Sátidé. Mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù 7 tèmi padà, kí n sì yẹ gbogbo 42 wò fún èyí tí àgbẹ̀ kò kọ iye ọjọ́ tó fi sá kòkó sí. Ẹ ó rí i ní aago 8 alẹ́ Ọjọ́rú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ sọ fún mi, kí n gba òmíràn."

Sí olùkọ́:

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè dé ìpàdé ẹgbẹ́ kòkó Ìdànrè ní Sátidé nítorí ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà Oǹdó. Mo ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi iṣẹ́ tí mo máa fi dí i, mo sì máa parí rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ tí ẹ dá fún wa kò ní yẹ̀, sà."

Akọ̀wé wa dá 7 náà padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti rí 3 tí iye ọjọ́ kò sí nínú wọn. Olùkọ́ kò tíì fèsì. Ṣé máàkì ìpàdé náà á padà?

Akọ̀wé Alágbàka: Ọwọ́ olùkọ́ nìyẹn wà. Olùkọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ kì í dá a padà.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Awakọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó dá owó yín padà?