Ìfì, ìmì, àbí ìfò? Orúkọ tó yẹ σ

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé kékeré kan lórí bí Black àti Scholes, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣe ń ṣírò owó ọ́pṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra nǹkan tàbí láti tà á ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí sílẹ̀, mo wá há sórí ọ̀rọ̀ kan, fọlatílítì, ìyẹn bí iye ọjà ṣe ń lọ sókè sódò tó, tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà σ kọ. Ẹnì kan ní kí n kọ "àìdúró-sójúkan", ẹlòmíì ní "ìfì". Èwo ni kí n lò, ṣé ọ̀rọ̀ kan péré á sì tó?

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ọmọ mi, àìdúró-sójúkan gùn jù, àlàyé ni, kì í ṣe orúkọ, tó o bá kọ ọ́ nígbà ogún lójú ewé kan á sú ẹ, á sú ẹni tó ń kà á. Ìfì náà kọ́. Tá a bá ní ẹrù ọkọ̀ fì, ṣebí ohun tá à ń sọ ni pé ó ti tẹ̀ sápá kan, ẹni tó bá ka ìfì á rò pé ọjà ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ σ ò sọ ibi tí ọjà dorí kọ. Ìmì ni kó o kọ. Nǹkan lè mì díẹ̀ bí ewé, ó lè mì jìgìjìgì, ó sì lè mì títí á fi wó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gbé gbogbo ẹ̀.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:

Bàbá, a kí yín o. Mo ṣiṣẹ́ ọdún 11 l'Ékòó ní yàrá tí báńkì ti ń ra owó òkèèrè tí wọ́n ń tà á kí n tó padà wálé, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ọmọ tó wà lórí jangírọ́fà náà ń fì, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò tẹ̀ sápá kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìfì. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí tó ìlà tẹ́ ẹ fi parí, pé nǹkan lè mì títí á fi wó. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò yìí ti já.

Nígbà tí Black àti Scholes gbé e jáde ní 1973, tí Merton náà sì kọ tiẹ̀ lọ́dún kan náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni pé iye ọjà máa ń fẹsẹ̀ rìn ni, kì í fò. Tó bá kúrò ní 470 tó ń lọ sí 480, ó gbọ́dọ̀ kan 471, kó kan 472, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi débẹ̀. Wọn ò gbà á lásán. Ẹni tó ta ẹ̀tọ́ ìrà fún èèyàn kì í káwọ́ gbera, ńṣe ló máa ń ra díẹ̀ sọ́wọ́ bí iye bá ń gòkè, á sì tún tà díẹ̀ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìnáwó tó wà nínú kó máa rà kó máa tà yẹn ni ìṣirò náà sọ di owó ẹ̀tọ́, σ ló sì ń sọ bí ìnáwó náà á ṣe pọ̀ tó. Ẹ wò ó lójú ìwé, mo fi èlé sí òfo kó má bàa dí wa lọ́wọ́:

```
C  = S·N(d1) − K·N(d2)
d1 = (ln(S/K) + σ²T/2) / (σ√T)
d2 = d1 − σ√T
```

C ni owó ẹ̀tọ́, S ni iye ọjà lónìí, K ni iye tí wọ́n fẹnu kò sí, T ni àkókò tó kù tá a fi ọdún kà, ln ni lọ́gàrídímù, N(x) sì ni ìdá tó wà nísàlẹ̀ x lábẹ́ ìlà onírísí agogo àwọn oníṣirò. σ kan náà ló wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò yí padà, kò sì síbi tí ìfò lè gbà wọlé.

Ká wá mú oṣù kẹfà 2023. Ká ní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn mo ta ẹ̀tọ́ fún oníṣòwò kan ní Ṣàgámù, pé tó bá di oṣù mẹ́ta òní, ó lè ra dọ́là 10,000 lọ́wọ́ mi ní ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá wù ú. Iye ìjọba nígbà yẹn jẹ́ nǹkan bí ₦470, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wọ́ bí ìgbín, torí náà ká ní mo fi pásẹ́ǹtì 5 lọ́dún sípò σ, tó túmọ̀ sí pé ìrìn ọjọ́ kan ò sábà ju bíi ₦1.50. Ìṣirò á sọ fún mi pé ẹ̀tọ́ orí dọ́là kan ò tó kọ́bọ̀ 5, gbogbo 10,000 ò sì tó ₦500. Á tún ní kí n ra bíi dọ́là 69 sílẹ̀ láti fi bo ara mi, tí ọjà bá sún mọ́ 500 kí n máa rà kún un.

Ní ọjọ́ 14 oṣù náà báńkì àgbà ní kí wọ́n máa ra dọ́là kí wọ́n máa tà á ní iye tí ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà bá fẹnu kò sí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó ti kúrò ní nǹkan bí 470 ó ti di nǹkan bí 660. Níbo ni mo ti fẹ́ máa rà kún un? Dọ́là 69 ọwọ́ mi á mú èrè bíi ₦13,000 wá, tí iye bá sì dúró síbẹ̀ títí oṣù mẹ́ta á fi pé, ohun tó wà lọ́rùn mi á tó bíi ₦1,600,000, lórí ẹ̀tọ́ tí owó ẹ̀ ò tó ₦500. Bàbá, ìyẹn kì í ṣe pé ọjà mì jù. Ohun tó ń mì, èèyàn lè máa bá a mì, ohun tó fò ti kọjá kó o tó na ọwọ́.

Ìyá Onímọ́tò, Ṣàgámù:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín o. Ta ló rí dọ́là ní 470? Ẹ̀yà ara mọ́tò tòkunbọ̀ ni mò ń kó wọlé, báńkì mi gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi ní ọdún yẹn, lónìí "ẹ padà wá", lọ́la "ẹ padà wá", títí ẹrù mi fi há ní òkèèrè, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ mo lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àbókì ní iye tó lé ní ₦700. Nígbà tí rédíò wá ń pariwo pé náírà jábọ́, ó yà mí lẹ́nu, torí tèmi ti jábọ́ tipẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ṣé á sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú Iléyá tó ń bọ̀ yìí kí n mọ̀ bóyá kí n dúró?

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè sọ ibi tí dọ́là ń lọ, σ pàápàá ò mọ̀ ọ́n, bó ṣe lè rìn jìnnà tó ló ń gbìyànjú láti sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín wọlé ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ó sì tú àṣìṣe kan fó nínú àpẹẹrẹ mi. Ìṣirò náà gbà pé S tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè rà á níbẹ̀ kó sì tà á níbẹ̀, iye tó bá wù ú, nígbàkugbà, láìsan nǹkan kan lé e. Dọ́là 69 tí mo ní kí n rà yẹn, nínú fọ́ọ̀mù bíi tiyín ni mi ò bá ti máa wá a.

Ohun kejì ni pé pásẹ́ǹtì 5 tí mo fi sípò σ, ìrìn iye tí wọ́n dì mú ni mo wọ̀n. Kì í ṣe pé ọjà náà dákẹ́, wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá wo iye ìjọba nìkan rí ìdákẹ́jẹ́, ẹni tó bá gbé 470 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 700 àwọn àbókì rí i pé ìfò kan ń bọ̀, bó ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ ẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Mo gbọ́. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ̀ kàn fi ìmì tó tóbi síbẹ̀? Tí pásẹ́ǹtì 5 bá kéré, ẹ fi 20, ẹ fi 30. Lẹ́tà yẹn náà ni, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni. Ẹ ẹ̀ nílò orúkọ kejì.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:

Bàbá, bí àwọn tó ń tà á ṣe ń ṣe é gan-an lẹ sọ yẹn. Ká ní olóye kan ní òun ò lè ta ẹ̀tọ́ yẹn ní kọ́bọ̀, ₦10 lórí dọ́là kan lòun máa gbà. Tá a bá fi ₦10 yẹn bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn, tá a wá σ tó máa bí i, bíi pásẹ́ǹtì 22 la máa rí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ 14 yẹn tí iye ìjọba rìn bíi nǹkan tó ń fì ní pásẹ́ǹtì 22? Kò rìn bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ìfò ni 22 yẹn, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù ìfì. Ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ á máa rà á máa tà bíi pé ọjà ń fì, ìfò á tún bá a níbẹ̀.

Ọjà fúnra ẹ̀ ló tú àṣírí yìí. Ní 19 oṣù kẹwàá 1987, Dow Jones, òṣùwọ̀n iye ṣíà àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, já wálẹ̀ ní pásẹ́ǹtì 22.6 lọ́jọ́ kan. Látìgbà yẹn, ẹ̀tọ́ láti ta àpapọ̀ ṣíà wọn ní iye tó wà nísàlẹ̀ pátápátá máa ń gbówó lórí ju bí ìṣirò ṣe ní kó jẹ́, tẹ́ ẹ bá wá σ inú ẹ̀, ó máa ń ga ju ti ẹ̀tọ́ tó wà nítòsí iye òní. Ọjà kan náà, ọjọ́ kan náà, σ orí K yìí yàtọ̀ sí σ orí K yẹn. Ọjà kan ò lè máa fì lọ́nà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà orúkọ méjì ni mo fẹ́ fún lẹ́tà yẹn nìkan: ìfì tójú rí, tá a wọ̀n látinú ìrìn ọjà, àti ìfì tówó sọ, tá a wá látinú owó ẹ̀tọ́. Ìfò wá dúró gedegbe. Merton náà yà á sọ́tọ̀ ní 1976, ó fún ìfò ní nọ́ńbà tiẹ̀, ìgbà mélòó ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún àti bó ṣe máa ń jìnnà tó, àmọ́ ìyẹn náà ò ní kẹ́ ẹ lè fi ríra àti títà bo ara yín tán.

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ó yé mi wàyí. Mo gba ìfò, mo gba tójú rí, mo gba tówó sọ, wọ́n dùn létí. Ìfì ni mi ò gbà. Ìmì tójú rí, ìmì tówó sọ, ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ìfò sílẹ̀, σ ni mo ṣì fi àyè sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: ti 1987 yẹn, ọjà já wálẹ̀ ni, ṣé èèyàn á gbọ́ ọ yé tí n bá pe ìyẹn náà ní ìfò?

Ìyá Onímọ́tò, Ṣàgámù:

Ọmọ mi, àwọn ọmọ ọmọ mi ń fò wálẹ̀ látorí fẹ́ǹsì ní gbogbo ọjọ́, a ò sì wá ọ̀rọ̀ míì fún un. Ẹ ẹ̀ tíì dá mi lóhùn lórí Iléyá o.